Ìkéde Ìyọkúrò Owó Ìrànwọ́ Orí Epo: Kí Ló Gbé Owó Ọkọ̀ Ga?

Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 2023, níbi tí wọ́n ti búra fún un ní Àbújá, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ètò ìṣúná ọdún náà, tí ìjọba tó kógbá sílé fi lélẹ̀, ṣì ní owó náà nínú títí di ìparí Oṣù Kẹfà. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ ti tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ilé epo, àwọn ilé epo mìíràn sì ti tilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìkéde náà ni NNPC tó gbé iye tuntun jáde, ní ọjọ́ 31: lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦488 ní Èkó, ó sì di ₦557 ní ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́. Láàárín ìkéde àti iye tuntun yìí, kò sí ẹni tó lè sọ iye tí epo jẹ́ gan-an. Owó ọkọ̀ kò dúró de iye kankan ní tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe epo nìkan ni èrò ọkọ̀ ń san owó rẹ̀ lásìkò bẹ́ẹ̀. Ó ń san owó wákàtí tí dírẹ́bà fi tò sórí ìlà, ó sì ń san owó ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wo iye lítà nìkan kò ní lóye owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò dánfó kan tó ń gba èèyàn 14. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ká ní ó ń lọ ìrìn mẹ́jọ lóòjọ́, tí ìjókòó ń kún, èrò 112 nìyẹn. Bí èrò kọ̀ọ̀kan bá san ₦300, owó ọjọ́ náà jẹ́ ₦33,600. Bí ọkọ̀ náà bá mu lítà 30 ní ₦190, epo gba ₦5,700. Èyí tó kù, ₦27,900, ni wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀, tí wọ́n fi ń san owó tikẹ́ẹ̀tì gáréèjì, tí wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe, tí dírẹ́bà àti kọndọ́ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí lítà kan di ₦488, epo ọjọ́ kan di ₦14,640. Àlékún náà jẹ́ ₦8,940. Bí a bá pín in fún èrò 112, ₦80 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé iye epo ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ₦380 ló yẹ kí owó ọkọ̀ dé, bí ohunkóhun mìíràn kò bá yí padà.

Àmọ́ ohun mìíràn yí padà. Ìlà ilé epo gba ìrìn méjì nínú mẹ́jọ. Èrò tó kù jẹ́ 84, epo tí ọkọ̀ mu sì dín kù sí lítà 22 àtààbọ̀, tí í ṣe ₦10,980. Ọlọ́kọ̀ kò dín owó tirẹ̀ kù nítorí ìlà, àwọn olùgba tikẹ́ẹ̀tì náà kò sì dín tiwọn. Kí dírẹ́bà tó rí ₦27,900 kó jọ lẹ́yìn epo, èrò kọ̀ọ̀kan ní láti san bíi ₦463. Nígbà tí owó ọkọ̀ bá sì ti dé ibẹ̀, àwọn kan á fẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn á jókòó sílé. Bí ìjókòó mẹ́wàá péré bá ń kún lẹ́ẹ̀kan, èrò 60 ló kù, owó ọkọ̀ sì di ₦648. Báyìí ni ₦300 ṣe ju ìlọ́po méjì lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe èrè àjẹjù. Mi ò sọ pé kò sí dírẹ́bà tó ń rẹ́ èèyàn jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlà àti ìjókòó òfìfo di ẹrù rù wá ju epo fúnra rẹ̀ lọ, ìkéde tí kò ní ọjọ́ àti iye nínú ló sì bí ìlà náà.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2012, ìjọba Goodluck Jonathan gbé lítà láti ₦65 lọ sí ₦141, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà nílé ọdún, tí wọn kò tíì wọ ọkọ̀ padà sí ibi iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tó sì di ọjọ́ 16, ìjọba dá iye náà padà sí ₦97.

Ọ̀rọ̀ 2023 le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé naira wọ inú rẹ̀. Owó ìrànwọ́ ni àlàfo tó wà láàárín iye tí lítà kan ná títí tó fi dé ilé epo àti iye tí ìjọba ní kí wọ́n tà á. Epo tí a ń mu nígbà yẹn, láti òkè òkun ló ti ń wá, dólà la sì fi ń rà á. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà, Báǹkì Àpapọ̀ tú naira sílẹ̀ lọ́jà. Dólà tó wà nítòsí ₦470 kọjá ₦700 kí oṣù Keje tó parí. Ká ní lítà kan ná sẹ́ǹtì 70 dé èbúté: ₦329 ni lábẹ́ iye àtijọ́, ó di ₦525 bí dólà bá jẹ́ ₦750, láìjẹ́ pé iye epo lágbàáyé yí padà. Nítorí náà, nígbà tí lítà di ₦617 ní Àbújá ní ọjọ́ 18 Oṣù Keje, kò sí owó ìrànwọ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Dólà ló gòkè.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan tó yẹ kó kọ gbogbo wa lóminú ṣẹlẹ̀. Naira ń já wálẹ̀ títí tí dólà fi kọjá ₦1,500 ní 2024, ṣùgbọ́n iye ilé epo NNPC fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ẹnì kan ń san ìyàtọ̀ náà. Ní Oṣù Kẹjọ 2024, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ìnáwó NNPC sọ pé àwọn kò san owó ìrànwọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé àlàfo tó wà nínú iye epo ni àwọn àti ìjọba ń yanjú láàárín ara wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí lítà fi di ₦855 ní Èkó, ó sì di ₦998 ní Oṣù Kẹwàá. Ohun tí ìjọba sọ pé ó ti lọ ní 2023 ló tún ń lọ ní 2024. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ọ́n kò le: bí dólà bá ń gòkè tí iye ilé epo dúró, tí epo lágbàáyé kò sì wálẹ̀, owó ìrànwọ́ ti padà dé, orúkọ yòówù kí wọ́n sọ ọ́.

Kí wá ló dé tí owó ọkọ̀ kì í wálẹ̀ bí epo bá wálẹ̀? Ní Oṣù Kejìlá 2024, ilé ìfọpo Dangote dín iye tó ń ta lítà fún àwọn alágbàtà láti ₦970 sí ₦899.50. Bí gbogbo ẹ̀dínwó náà bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dánfó wa, ₦2,115 ni lóòjọ́, kò tó ₦20 lórí èrò kan. Kò sí kọndọ́ tó ní ṣéńjì tí yóò fi dá a padà.

Ọ̀nà àbáyọ wà: ìwé ìṣirò lítà kọ̀ọ̀kan, tó ní iye tó ná dé èbúté, owó kíkó rẹ̀ káàkiri àti èrè alágbàtà, jẹ́ ohun tí àjọ PPPRA máa ń gbé síta fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀. Òfin epo rọ̀bì 2021 gbé iṣẹ́ àjọ náà fún NMDPRA. Kí NMDPRA máa gbé ìwé yẹn jáde lóṣooṣù, pẹ̀lú iye dólà tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kí ìjọba má sì kéde ìyípadà kankan mọ́ láìdárúkọ ọjọ́ àti iye pa pọ̀.