Bí a ṣe ń se mílíìkì tí kò ní ru dànù, tí kò sì ní bo awọ, fún tíì aládùn

Àwọn Hausa tó ń ta tíì ní Ìdí-Àràbà, láàárín Muṣin àti Sùúrùlérè, ní àṣà kan tí ojú àwọn oníbàárà wọn ti mọ́. Ife méjì ni wọ́n máa ń mú dání. Wọn yóò gbé ọ̀kan sókè, wọn yóò da tíì inú rẹ̀ sínú ìkejì nísàlẹ̀, wọn yóò sì tún yí i padà títí tí yóò fi hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣehàn lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tu tíì náà lára, ó ń yọ́ ṣúgà, ojú mílíìkì kò sì ríbi dúró sójú kan débi tí yóò fi bo awọ.

Mílíìkì alágolo ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ilé-iṣẹ́ ti sè é kí wọ́n tó dé e sínú agolo, nítorí náà omi gbígbóná ti tó o. Ti wàrà màlúù tútù tí a rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní yàtọ̀ pátápátá. Dandan ni kí a sè é, nítorí pé ikọ́ àwúgbẹ lè ti ara màlúù wọ inú wàrà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àrùn burusẹ́lọ́sìsì, tó máa ń fa ibà tí kì í tètè lọ àti oríkèé ríro.

Omi ló pọ̀ jù nínú wàrà, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti èròjà amáradàgbà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ooru bá ti ń tó nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, èròjà amáradàgbà yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra. Omi ojú rẹ̀ ń di oruku lọ, èyí tó ṣẹ́kù yóò sì di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú ìkòkò. Oruku tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Yóò gbé awọ àti ìfófòó náà sókè títí tí wàrà yóò fi ru dànù. Ìdí nìyí tí wàhálà méjèèjì fi ní oògùn kan náà: kí ojú wàrà má ṣe dúró jẹ́ẹ́.

Fún ife tíì mẹ́rin, ife wàrà méjì àti ife omi méjì ti tó. Kí ìkòkò wàrà tóbi tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a fẹ́ sè. Kí a fi omi ṣan inú rẹ̀, kí a má sì nù ún gbẹ, èyí kì í jẹ́ kí ìdí rẹ̀ tètè jóná. Kí a kọ́kọ́ gbé ṣíbí wàrà kan kaná ná. Bí ó bá dì, ó ti kan, kò ṣe é fi po tíì.

Bí ó bá dára, kí a gbé gbogbo rẹ̀ lé iná tí kò le jù, láìdé e. Orógùn ni kí a máa fi rò ó, kí ó máa kan ìdí ìkòkò. Bí ìfófòó bá ti ń gun etí ìkòkò, kí a dín iná kù tàbí kí a gbé e kúrò lórí iná díẹ̀, kí ó rọlẹ̀, kí a tún gbé e padà. Ríru nìkan kò fi hàn pé ó ti jinná. Kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí a ṣì máa rò ó. Àwọn kan máa ń gbé orógùn dábùú ẹnu ìkòkò. Ó ń fọ́ ìfófòó díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá iná ńlá dúró.

Inú ìkòkò kejì ni omi yóò ti hó pẹ̀lú atalẹ̀ kékeré tí a gún àti kànáfùrù mẹ́rin, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí a má ṣe ju atalẹ̀ tútù sínú wàrà, nítorí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó lè mú wàrà dì, bí omi ewé bọmubọmu ṣe ń ṣe fún àwọn tó ń ṣe wàrà jíjẹ. Híhó nínú omi ló ń pa agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi àpò tíì mẹ́ta sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí a yọ ọ́, kí a da wàrà lé e, kí ó hó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣíbí ṣúgà kékeré méjì fún ife kan ti dùn tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Asẹ́ ni yóò gba atalẹ̀ àti kànáfùrù.

Orí gáàsì ni ewu ríru dànù ti pọ̀ jù. Wàrà lè pa iná, kí gáàsì sì máa tú jáde láìsí ẹni tó mọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a yí kọ́kọ́rọ́ sítóòfù àti ti sílíńdà pa, kí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kí a má ṣe ṣá iṣáná, kí a má sì tan iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá.

Bí wàrà bá kù, ìgbà tí a bá gbé e kúrò lórí iná ló yẹ kí a dé e, kí ojú rẹ̀ má baà gbẹ. Bí awọ bá ṣì bò ó, kí a sẹ́ ẹ. Kò bàjẹ́, ọ̀rá àti èròjà amáradàgbà ni, àwọn ọmọdé mìíràn sì máa ń du ún.