Ohùn Òkè Ní Ẹsẹ Ìkẹyìn

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin rí ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ìkòròdú tàbí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ṣé ẹ rántí? Tí orin bá kan ẹsẹ ìkẹyìn, ìjọ á mú ohùn orin gan-an, àwọn sopránò díẹ̀ á sì gba ohùn mìíràn lókè. Dẹ́sikáǹtì nìyẹn.

Kíkọ rẹ̀ ò le. Ká ní ohùn ìjọ parí báyìí: mi, re, do. Ẹ kọ do òkè, ti, do òkè sórí rẹ̀. Bí ìjọ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti re sí do, tòkè ń gòkè láti ti sí do. Bí méjèèjì bá jọ ń sọ̀kalẹ̀ lórí ohùn kan náà, etí ò ní mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá olórin Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, Èkó, láti 1914 dé 1962, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ wo “Olúwa”: àárín, òkè, àárín. Do, ti, do wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín gan-an, níbi tó yẹ kó gòkè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí sopránò máa kọ “Aa” lásán, kí ìjọ di ọ̀rọ̀ mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí i dandan, ẹ kọ́kọ́ pè é lẹ́nu, kí ẹ tó kọ sọ́lfà.