Bèbè Kan, Orúkọ Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àfọwọ́ṣe lórí Etsy kò ní í pẹ́ rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń wá ti wà lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ṣí níbẹ̀, ìsọ̀ ni mo ń pè é. Ojú ewé tó ń fi ọjà kan hàn, àtẹ ni. Ogún sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́rin ló sì fi ń wà níbẹ̀.

Ti àwòrán kò le. Àwòrán iwájú ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rí. Ẹ má jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ kan etí rẹ̀, torí ẹ̀rọ lè gé etí náà kúrò. Àwòrán ìwọ̀n tẹ̀ lé e: ẹ tẹ́ bèbè tí ẹ fẹ́ tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó iyùn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun tí Etsy ń pè ní "tags". Àwọn kan ń pè é ní àmì. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí olówó ọjà ló ń fi àmì sára ọjà rẹ̀, ẹnu ẹni tó fẹ́ rà ni eléyìí ti ń wá. Ọ̀rọ̀ àwárí ló tọ́ sí i. Mẹ́tàlá ni àyè rẹ̀ lórí àtẹ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 20 lẹ́tà, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. "nigerian waist beads" pé 20 géérégé. "traditional waist beads" jẹ́ 23, ẹ̀rọ kò ní í gbà á. Bèbè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí oníbàárà bá tẹ "bebe" láìfi àmì ohùn sí i, ọmọ ọwọ́ ni lédè Faransé àti ti Sípéènì, aṣọ ìkókó ló sì lè kún ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ fi bèbè sínú àlàyé ọjà, kó máa sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ọjà bá ti tà, ó ku ká fi ránṣẹ́. Ká ní láti Lọ́ńdọ̀nù ni ẹrù náà ti ń lọ sí Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti fagi lé àǹfààní tí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ fi ń wọlé láìsan owó ibodè, nítorí náà orúkọ tí ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù ti di ọ̀rọ̀ owó. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbodè nílò: sísín. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tí a kò tíì sín wà lábẹ́ 7018. Bí a bá ti sín in di ohun ọ̀ṣọ́, tí kò sí wúrà tàbí fàdákà nínú rẹ̀, ó bọ́ sí 7117. Ẹni tó bá kọ "beads" nìkan ti fi ẹrù rẹ̀ sí àárín méjèèjì. Ẹ kọ "handmade glass bead waist chain", kí ẹ sì kọ iye tí oníbàárà san gan-an. Ẹ má pe ohun tí ẹ tà ní ẹ̀bùn.