Lẹ́tà Ìfisùn Lórí Ọjà Tó Bàjẹ́: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀, Àtúnṣe Tí Ẹ Ń Fẹ́ àti Gbèdéke Ọjọ́

Oníbàárà tó bá gba ọjà tó ti bàjẹ́ sábà máa ń fi ẹnu sọ ọ́ fún olùtajà lórí fóònù. Olùtajà á ní òun ti gbọ́, wọn á wò ó, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá dé iwájú àjọ ìjọba tàbí ilé-ẹjọ́, kò ní sí ohun tí oníbàárà lè nà síta. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ yìí pé kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun mẹ́ta hàn kedere nínú rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, àtúnṣe tí ẹ ń fẹ́, àti ọjọ́ tí àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wáyé.

Ẹ jẹ́ kí a fi táìlì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lára ọjà tó máa ń fọ́ lójú ọ̀nà. Ká sọ pé obìnrin kan tó ń parí ilé tí yóò gbé ní Ìkòròdú ra páálí táìlì ilẹ̀ 60, tí ẹyọ mẹ́rin wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ó san 12,000 náírà lórí páálí kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 720,000 náírà, ó sì fi 25,000 náírà kún un kí olùtajà lè fi ọkọ̀ tirẹ̀ kó o wá. Nígbà tí wọ́n já ẹrù náà, páálí 11 ti tẹ̀ ní igun. Wọ́n tú u, wọ́n bá táìlì 36 tó ti fọ́ tàbí tó ti ya létí. Mẹ́jọ péré ló ṣì dára nínú wọn.

Ibi tí a ti ń rí ẹ̀rí ni ẹnu ọ̀nà ilé, kí awakọ̀ tó lọ. Ìwé tí awakọ̀ máa ń mú wá fún ìbuwọ́lùwé, èyí tí a ń pè ní wéébìlì, sábà máa ń sọ pé ọjà pé, ó sì dára. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú láìkọ nǹkan kan sí i ti jẹ́rìí fún olùtajà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí ara ìwé náà pé páálí 11 ti bàjẹ́, kí awakọ̀ náà buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò táìlì tó fọ́ pẹ̀lú páálí wọn, kí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára páálí sì hàn. Ẹ má ṣe dà wọ́n nù, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ fi èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀ ilé, nítorí táìlì tó bá ti wọ inú sìmẹ́ńtì kò ṣe é dá padà mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ sínú lẹ́tà, tó sì lè pinnu ẹni tí àdánù náà já lé lórí: ta ló gba ọkọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn, olùtajà lè sọ pé ọjà náà ti di ti oníbàárà nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ọkọ̀ bá wà nínú rìsíìtì olùtajà, tí òun ló sì ṣèlérí láti gbé ọjà dé ilé, ọ̀rọ̀ yí padà. Nítorí náà, gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà.

Ní ti àtúnṣe, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé “kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i.” Ẹ sọ iye. Táìlì 36 jẹ́ páálí mẹ́sàn-án, kì í ṣe 11. Ẹni tó bá béèrè ju ohun tó fọ́ lọ ti fún olùtajà ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ohun mìíràn ni àwọ̀. Táìlì tí wọ́n sun ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè máà bára mu bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà ara páálí ló sì ń fi èyí hàn. Ẹ béèrè fún nọ́ńbà kan náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa gbà bí irú rẹ̀ bá ti tán lọ́jà.

Gbèdéke gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ní orúkọ àti nọ́ńbà. “Láìpẹ́” kì í ṣe gbèdéke. “Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì” náà sì lè fa àríyànjiyàn nípa ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwa, ọjọ́ 14 tó fún ọjà tó wà nílẹ̀. Bí lẹ́tà náà ṣe lè rí rèé:

“Sí Ọ̀gá Àgbà. Ọjọ́rú, ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 2025. Mo ra páálí táìlì ilẹ̀ 60 lọ́wọ́ yín ní 720,000 náírà, mo sì san 25,000 náírà fún yín láti kó o dé ilé mi. Ọkọ̀ yín kó o dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Táìlì 36 ti fọ́ nínú páálí 11. Mo kọ èyí sínú wéébìlì níṣojú awakọ̀ yín, ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà rìsíìtì, wéébìlì àti fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ń fẹ́ kí ẹ fi páálí mẹ́sàn-án tó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò wọn, láìgba owó ọkọ̀. Bí kò bá sí mọ́, kí ẹ dá 108,000 náírà padà fún mi. Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, ọdún 2025 ni gbèdéke. Àwọn táìlì tó fọ́ wà nílé fún àyẹ̀wò yín.”

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ìtàn bí inú ṣe bí ènìyàn tó. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ọjà dé ni wọ́n kọ ọ́, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí òfin ọjà títà máa ń ka ẹni tó tọ́jú ọjà pẹ́ láìsọ̀rọ̀ sí ẹni tó ti tẹ́wọ́ gbà á. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i fún yín. Ẹ lè tún fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù.

Àwọn olùtajà mìíràn á tọ́ka sí àkọlé ara rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣe é dá padà. Àkọlé yẹn kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ oníbàárà lórí ọjà tó lábùkù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà fún un ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára.

Bí ọjọ́ 26 bá kọjá láìsí èsì, ẹ lè gbé lẹ́tà àti ẹ̀rí yín lọ sí àjọ tí òfin yẹn dá sílẹ̀, tàbí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà kejì ni kóòtù Májísíréètì tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Iye owó pàtó ni kóòtù yìí ń gbọ́, ó sì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tí a fi ń béèrè owó náà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. 108,000 náírà tó wà nínú lẹ́tà ni ẹ máa kọ sínú rẹ̀.