Gálílíò: Ṣé Ìjà Nìkan Ni?

Bí a bá ní ẹ̀sìn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀tá, orúkọ Gálílíò ni a kọ́kọ́ máa ń dá. Lóòótọ́, ìjà wà: ní 1633, ilé ẹjọ́ Ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù dá a lẹ́bi, nítorí ó kọ̀wé pé ayé ló ń yí oòrùn ká.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo 1615. Gálílíò kọ̀wé pé ìgbàlà ni Ìwé Mímọ́ wá kọ́ wa, kì í ṣe ìrìn àwọn ìràwọ̀. Kálukú sì ní ààyè tirẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún yẹn kan náà, Kádínà Bẹlamínì kọ̀wé pé bí ẹ̀rí tó dájú bá wà, a ní láti tún ìtumọ̀ irú ẹsẹ bíi Jóṣúà 10:13 yẹ̀ wò. Ìjíròrò nìyẹn.

Ẹ̀rí náà kò tíì pé. Kíkún àti fífà omi òkun tí Gálílíò gbẹ́kẹ̀ lé kò tọ̀nà. Síbẹ̀, ní 1616, Róòmù kéde pé irọ́ ni ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìjíròrò pa.

Nítorí náà, kí a tó pe ohun kan ní ìjà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ń ta kò, àbí ìtumọ̀ tiwa? Ṣé ẹ̀rí wọn sì ti pé?