Ìfọ̀mọ́ dátà mókáàpù

Ìfọ̀mọ́ dátà mókáàpù ni àtúnṣe tí a máa ń ṣe sí ìgbàsílẹ̀ ìmira ènìyàn kí a tó gbé e wọ ẹ̀dá inú fíìmù àwòrán tàbí ti géèmù. Mókáàpù kì í ya àwòrán ènìyàn. Ohun tí ó ń kọ sílẹ̀ ni ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan wà àti bí ó ṣe tẹ̀, láti férémù kan dé òmíràn. Àbùkù mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀: ara tí ń gbọ̀n láìnídìí, oríkèé tí ó yí padà lójijì, àti ẹsẹ̀ tí ń yọ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó dúró. Bí a kò bá tún wọn ṣe ní ètò tí ó tọ́, àtúnṣe àkọ́kọ́ lè sọ àbùkù kejì di èyí tí kò ṣeé mú kúrò mọ́.

## Ibi tí àbùkù ti ń wá

Ọ̀nà méjì ni a sábà fi ń gba ìmira sílẹ̀. Èkíní ń lo kámẹ́rà púpọ̀ tí ń wo àwọn bọ́ọ̀lù kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara. Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh fi kámẹ́rà 12 àti bọ́ọ̀lù 41 kó àkójọ ìmira kan jọ, ní férémù 120 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí dátà tí wọn fi ń kọ́ṣẹ́. Bí apá bá bo bọ́ọ̀lù kan mọ́ kámẹ́rà lójú, kọ̀ǹpútà lè fi bọ́ọ̀lù mìíràn rọ́pò rẹ̀, oríkèé yóò sì fò.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀wù tí a rán sẹ́ńsọ̀ mọ́, tí kò nílò kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ń fi òòfà ilẹ̀ ayé mọ ibi tí ara kọjú sí, bíi kọ́ńpáàsì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó nínú ilé ìkẹ́rùsí onírin láàárín Ìkẹjà àti Agége, tàbí nínú yàrá kan ní Onígbòǹgbò tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irin ńlá lè yí òòfà náà padà. Àbùkù yìí kì í gbọ̀n: ara ni yóò máa yà díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí asẹ́ tí ó lè mú un kúrò. Kí a jìnnà sí irin náà ni ó sàn jù.

## Oríkèé tí ó yí padà

Oríkèé ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe. Nǹkan méjì ni ó wà tí ó jọra lójú ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èkíní, nọ́ńbà nìkan ni ó fò. Bí apá bá yí láti 179° lọ sí 181°, kọ̀ǹpútà lè kọ èkejì ní −179°, nítorí ibì kan náà ni méjèèjì ń tọ́ka sí. Apá yí 2° péré, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ já wálẹ̀ ní 358°. Bí a bá sẹ́ ìlà yìí bẹ́ẹ̀, asẹ́ yóò fi nọ́ńbà tí ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba àárín 179 àti −179 kọjá, apá yóò sì yí òbìrí kan gbáko nínú férémù díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi 360 kún un tàbí yọ ọ́ kúrò kí a tó sẹ́ ohunkóhun. Nínú sọ́fíwíà Blender, àṣẹ `Discontinuity (Euler) Filter` ni ó ń ṣe é.

Nínú èkejì, ara gan-an ni ó yí: ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn, tàbí bọ́ọ̀lù ọwọ́ ọ̀tún gba orúkọ ti òsì. Láti mọ ìyàtọ̀, kí a máa wo ara, kì í ṣe ìlà. Bí ìlà bá fò tí ara kò sì mira, nọ́ńbà ni. Bí ara pẹ̀lú bá fò, a gbọ́dọ̀ padà sí orúkọ àwọn bọ́ọ̀lù, tàbí kí a pa àwọn férémù tí ó bàjẹ́ rẹ́, kí a sì so èyí tí ó ṣáájú mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e.

## Sísẹ́ ìgbọ̀n kúrò

Asẹ́ tí a sábà ń lò ń jẹ́ kí ìmira tí kò yára kọjá, ó sì ń dá èyí tí ó yára jù dúró. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ orúkọ Stephen Butterworth, ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1930. Ohun kan tí a gbọ́dọ̀ yàn ni ààlà: ìgbà mélòó nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìmira lè lọ kí ó sì bọ̀ kí a tó kà á sí ìgbọ̀n? Àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ìrìn ẹsẹ̀ sábà máa ń yan 6, ó sì tó fún ẹni tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ijó bàtá kì í ṣe ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí a gbà pé èjìká oníjó kan ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 5 nínú ìṣẹ́jú-àáyá, tí ó sì ń fò ní sẹ̀ǹtímítà 6. Bí ààlà bá jẹ́ 6, tí a sì sẹ́ ẹ lọ sẹ́ ẹ bọ̀, sẹ̀ǹtímítà 4 péré ni yóò kù. Bí ààlà bá jẹ́ 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá. Ìgbọ̀n díẹ̀ yóò kù sára dátà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju bàtá tí kò ní èjìká lọ.

```python
from scipy.signal import butter, filtfilt
b, a = butter(2, 12, fs=120)
y = filtfilt(b, a, x)
```

`filtfilt` ń sẹ́ dátà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì tún ń sẹ́ ẹ padà. Bí a bá sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ààlà 6, gbogbo ìmira yóò pẹ́ ní bíi férémù 4 sí 5, ẹsẹ̀ oníjó yóò sì máa balẹ̀ lẹ́yìn tí ìyáàlù ti dún. Ọ̀nà tí ó dára láti yẹ asẹ́ wò ni kí a yọ dátà tí a sẹ́ kúrò nínú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì wo ìyókù. Bí ìyókù bá rí játijàti, tí kò ní ìlù nínú, ìgbọ̀n ni a sẹ́ kúrò. Bí ó bá ń ga sókè ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún, ijó ni a ń dà nù.

## Ẹsẹ̀ tí ń yọ̀

Ẹsẹ̀ ni ó kẹ́yìn, nítorí pé asẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń mú ìbalẹ̀ ẹsẹ̀ rọ̀. Àṣìṣe kékeré nínú igun ìbàdí àti orúnkún tún ń kó jọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ sì ni ojú ti ń rí àṣìṣe jù. A ó kọ́kọ́ wá àwọn férémù tí ẹsẹ̀ dúró sí: fún àpẹẹrẹ, níbi tí gìgísẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tí kò sì sáré ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà a ó kan ẹsẹ̀ mọ́ ojú kan ní gbogbo àkókò náà, a ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá igun orúnkún àti ìbàdí tí yóò gbé e débẹ̀. A kì í tú u sílẹ̀ lójijì. Férémù bíi 10 ṣáájú àti lẹ́yìn ni a fi ń pa ojú rẹ̀ dé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ ni orúnkún. Bí itan àti ojúgun bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ tí ó nà tán gùn ní 84. Bí ìkànmọ́lẹ̀ bá mú ọrùn ẹsẹ̀ sún mọ́ ìbàdí ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, orúnkún yóò tẹ̀ ní nǹkan bí 18°. Sẹ̀ǹtímítà kejì fi nǹkan bí 7° péré kún un. Nítorí náà orúnkún máa ń ta pọ́ún nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Kovar, Schreiner àti Gleicher tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2002: wọ́n jẹ́ kí gígùn egungun yí padà díẹ̀, nítorí ojú kò tètè rí i tó bí ó ti ń rí orúnkún tí ń ta. Àwọn mìíràn ń rẹ ìbàdí sílẹ̀ díẹ̀ dípò rẹ̀.

Kò sí iye kankan tí ó lè sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá oníjó mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Fídíò tí a yà pẹ̀lú ìgbàsílẹ̀ náà ni ó ń dáhùn rẹ̀, bí a bá rántí láti ya á.