Sóyà Tó Ń Ka Òru: Bí Irúgbìn Àjèjì Ṣe Di Ti Ilẹ̀ Wa

Ẹ bi àwọn tó ń gbin ewédú ní Ajah léèrè, wọn á sọ fún yín pé ewédú oṣù kọkànlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ti oṣù karùn-ún. Ti ẹ̀ẹ̀rùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ ga díẹ̀, á ti tanná, ewé rẹ̀ á sì kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìrọ̀ òjò ló fà á. Òótọ́ ni pé òjò lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tilẹ̀ ń bomi rin ín lójoojúmọ́, á ṣì sáré tanná, nítorí òru ti gùn sí i. Lọ́dọ̀ wa níbí, ojúmọmọ tó gùn jù, ní oṣù kẹfà, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Èyí tó kúrú jù, ní oṣù kejìlá, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 45 péré, kò tó kíláàsì kan, síbẹ̀ ewédú mọ̀ ọ́n.

Sóyà náà mọ̀ ọ́n, òun sì ni ìtàn wa dá lé lórí. Ní Améríkà, ní ìpínlẹ̀ Fajíníà, àwọn onímọ̀ ìjọba méjì, Garner àti Allard, ṣàkíyèsí pé bí àwọn ṣe ń gbin irú sóyà kan tó ń jẹ́ Biloxi ní ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bí àkókò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tanná, ní oṣù kẹsàn-án. Èyí tí wọ́n gbìn ṣáájú kàn ń dúró de èyí tó dé lẹ́yìn ni. Ní oṣù keje 1918, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sóyà àti tábà sínú ahéré tó ṣókùnkùn kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn tí wọ́n gé ojúmọmọ wọn kúrú báyìí tanná kíákíá, àwọn tó wà níta kò sì tíì ṣe tán. Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde ní 1920. Láti ìgbà náà la ti ń pe irú sóyà ní ọ̀gbìn ọjọ́-kúkúrú. Ọ̀gbìn ọjọ́-gígùn ni òdìkejì rẹ̀, bíi sípínáàṣì gidi ti àwọn òyìnbó, tí kì í fẹ́ tanná àfi kí ojúmọmọ ju wákàtí 13 lọ. Kò lè rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ajah láéláé.

Orúkọ yẹn ṣì wá lọ́nà díẹ̀ o. Ní 1938, Hamner àti Bonner fi hàn lára èpò kan pé gígùn òru gan-an ni ọ̀gbìn ọjọ́-kúkúrú ń kà: bí ìmọ́lẹ̀ bá já òru gígùn sí méjì, kò ní tanná mọ́.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá gbé irúgbìn láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni ojúmọmọ oṣù kẹfà rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Ní Fajíníà, ó ń sún mọ́ wákàtí 15. Ká ní irú sóyà kan níbẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti dúró títí ojúmọmọ á fi dín sí wákàtí 14 kó tó tanná. Ẹ gbìn ín sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà: kò sí ọjọ́ kankan nínú ọdún níbẹ̀ tó tó wákàtí 13. Látìgbà tí ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti là ló ti ń gbọ́ pé àsìkò ti lọ. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, á tanná láì tíì dé orúnkún ènìyàn. Oríkèé ara igi ni èèpo sóyà ti ń so, igi kúkúrú kò sì ní oríkèé púpọ̀. Ẹ wá gbé irú tiwa lọ sí àríwá Améríkà, ewé nìkan ni á máa hù títí òtútù á fi pa á.

1908 ni wọ́n kọ́kọ́ mú sóyà wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tó múlẹ̀ ni irú kan tó ń jẹ́ Malayan, tí wọ́n mú dé ilẹ̀ Tiv, ní Benue, ní 1937. Ẹ wo orúkọ rẹ̀: ilẹ̀ Màláyà sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé bíi tiwa, ojúmọmọ wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Kì í sáré tanná. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ lóko, kì í sì í so tó ti Améríkà.

IITA ní Ìbàdàn ló wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx, bíi TGx 1448-2E. A máa ń gbọ́ ọ pé nítorí kòkòrò gbòǹgbò tó ń fún ewéko ní oúnjẹ ni wọ́n ṣe ṣe é, òótọ́ sì ni, wọ́n fẹ́ sóyà tí kòkòrò ilẹ̀ wa lè bá ṣiṣẹ́ láìra oògùn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, irúgbìn tó bá ti tanná kó tó dé orúnkún, kò sí kòkòrò tó lè gbà á. Ní Bùràsíìlì, ohun tó gbà wọ́n ni ìgbà èwe gígùn: sóyà tí kì í fetí sí òru rárá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, tó fi ráyè dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bí sóyà yín bá kúrú, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òru ló fà á àbí ilẹ̀ tó ti gbó? Ẹ gbin irú kan náà sínú korọ́bà méjì, iyẹ̀pẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ẹ fi ọ̀kan síbi tó ṣókùnkùn lóru, kí ẹ fi èkejì sábẹ́ gílóòbù tó ń tàn mọ́jú, bí irú èyí tó wà lẹ́nu géètì ilé púpọ̀ ní Ajah, bí NEPA bá gbà o. Bí tinú òkùnkùn bá tanná, tí ti abẹ́ gílóòbù sì ń hu ewé lọ, òru ni. Bí méjèèjì bá jọ kúrú, tí wọ́n sì pọ́n, ẹ lọ tọ́jú ilẹ̀ yín.